Láàṣì, fílípù-fúlọ́ọ̀pù, àti pátákó oníná tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dàrú



Ẹni tó bá gba òpópónà Apápá sí Òṣòdì kọjá lẹ́yìn tí ilẹ̀ ti ṣú, tó wá yà sí Ìsọlọ̀, kò ní ṣàìrí àwọn pátákó oníná tí ọ̀rọ̀ ń rìn lójú wọn. Ilé oògùn gbé tirẹ̀ kọ́ sókè ẹnu ọ̀nà. Ilé ìjọsìn gbé tirẹ̀ kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, ó ń kéde àkókò ìsìn. Òtẹ́ẹ̀lì fi tirẹ̀ pe èrò. Bí èèyàn bá dúró wò wọ́n dáadáa, yóò rí i pé ara àwọn kan ò yá nínú wọn. Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ dáadáa níbi tí wáyà ti wọlé, ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa dé àárín pátákó, lẹ́tà ti yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀. Òmíràn ń gbọ̀n bíi pé òtútù ń mú un. Àmì iná kan péré sì ń tàn níbi tí ẹnikẹ́ni ò rán an.

Wọ́n á pe oníṣẹ́. Oníṣẹ́ á pààrọ̀ pánẹ́ẹ̀lì kan, á pààrọ̀ páwà, á tún wáyà so. Ó lè dára fúngbà díẹ̀, kó tún bẹ̀rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ irú pátákó bẹ́ẹ̀, kò sí nǹkan kan tó jó, kò sì sí wáyà tó já. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ìsọfúnni àti aago tó ń darí rẹ̀ pàdé lásìkò tí kò yẹ. Oríṣi ìpàdé burúkú méjì ló wà, ìwòsàn ọ̀kan kì í sì í ṣe ìwòsàn èkejì. Ohun tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí fẹ́ fi hàn ni bí a ṣe ń dá méjèèjì mọ̀ yàtọ̀, ìdí tí ọ̀kan fi máa ń lọ bí a bá dín eré aago kù, àti ìdí tí èkejì kì í fi í lọ bó ti wù kí aago náà falẹ̀ tó.

Ohun méjì tó ń rántí bíìtì kan

Kí pátákó tó lè gbé ọ̀rọ̀ jáde, ó gbọ́dọ̀ ní ohun tó lè rántí bíìtì kọ̀ọ̀kan, yálà 0 tàbí 1, yálà iná yìí máa tàn tàbí kò ní tàn. Ní ọdún 1918, William Eccles àti Frank Jordan, onímọ̀ físíìsì méjì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi orúkọ iṣẹ́ kan sílẹ̀ lábẹ́ òfin. Wọ́n mú fálúfù méjì, irú èyí tó wà nínú rédíò ayé ìgbà náà, wọ́n so wọ́n pọ̀ débi pé bí ọ̀kan bá ti ṣí, á ti èkejì pa, títì èkejì náà á sì jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ máa ṣí lọ. Báyìí ni wọ́n á wà títí tí nǹkan mìíràn á fi tì wọ́n sódì kejì. Tíránsísítọ̀ ti gba ipò fálúfù láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n ìlànà yẹn náà ló wà nínú áísì tí a ń rà ní Alábà lónìí.

Orí ìlànà yìí ni wọ́n kọ́ láàṣì àti fílípù-fúlọ́ọ̀pù lé. Àwọn méjèèjì ní ẹsẹ̀ tí bíìtì ń gbà wọlé, tí wọ́n ń pè ní D, àti ẹsẹ̀ tó ń gbà jáde, tí wọ́n ń pè ní Q. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni ẹsẹ̀ kẹta, èyí tó ń pàṣẹ ìgbà tí D lè kọjá sí Q.

Láàṣì ń wo bóyá àṣẹ ga tàbí kò ga. Níwọ̀n ìgbà tí ẹsẹ̀ àṣẹ rẹ̀, tí wọ́n ń kọ LE sí, bá ga, ohunkóhun tó bá wà ní D ló máa hàn ní Q. Bí D bá yí padà nígbà mẹ́wàá, Q náà á yí padà nígbà mẹ́wàá. Ìgbà tí LE bá wálẹ̀ ni láàṣì tó ti, tí Q á sì dúró sórí ohun tó rí gbẹ̀yìn.

Fílípù-fúlọ́ọ̀pù ò ní irú àkókò gbalasa bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí aago bá ń ti ìsàlẹ̀ gòkè nìkan ló ń wo D. Kí aago tó gòkè, D lè máa yí bó ṣe wù ú, Q ò ní dá a lóhùn. Bí aago bá ti gòkè tán, bó tilẹ̀ wà lókè fún odidi wákàtí kan, Q ò ní yí mọ́ títí aago á fi wálẹ̀ tí á tún gòkè lẹ́ẹ̀kan sí i.

Áísì méjì tó wọ́pọ̀ lọ́jà fi ìyàtọ̀ yìí hàn kedere, 74HC373 àti 74HC374. Ogún ẹsẹ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní, àpapọ̀ bíìtì mẹ́jọ ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo D àti Q wọn sì wà lójú ẹsẹ̀ kan náà. Ẹsẹ̀ kọkànlá nìkan ló pín wọn níyà. Nínú 373, LE ti láàṣì ni. Nínú 374, aago ti fílípù-fúlọ́ọ̀pù ni. Nítorí náà, bí oníṣẹ́ bá yọ 374 kúrò lára bọ́ọ̀dù tó fi 373 sí i, á wọ ibẹ̀ pẹ́kípẹ́kí, kò sì ní jó. Bọ́ọ̀dù náà tiẹ̀ lè ṣiṣẹ́ díẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká dán an wò lórí tábìlì iṣẹ́. Ẹ mú 374, kí ẹ so Q àkọ́kọ́ mọ́ D kejì, Q kejì mọ́ D kẹta, títí dé ìkẹjọ. Ẹ fi 1 sí D àkọ́kọ́, kí ẹ lu aago lẹ́ẹ̀kan. 1 yẹn á sún sí Q àkọ́kọ́, á sì dúró níbẹ̀. Ẹ lu aago lẹ́ẹ̀kejì, á sún dé ìkejì. Ìgbésẹ̀ kan fún lílù aago kan. Ẹ wá ṣe bákan náà pẹ̀lú 373. Bí LE bá ti gòkè báyìí, láàṣì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló ṣí pa pọ̀. 1 á gba àkọ́kọ́ kọjá, á gba ìkejì, á gba ìkẹta, á sì ti dé Q kẹjọ kí ọwọ́ tó kúrò lórí bọ́tìnnì. Mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ á di 1 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ibi tí a bá ti fẹ́ kí bíìtì máa sún níkọ̀ọ̀kan, fílípù-fúlọ́ọ̀pù la nílò níbẹ̀, ohun tí ọ̀rọ̀ tó ń rìn lójú pátákó sì ń béèrè gan-an nìyẹn.

Ìdí tí aago fi ní láti rí D tó dúró jẹ́ẹ́

Ọ̀nà kan tó wọ́pọ̀ láti fi ṣe fílípù-fúlọ́ọ̀pù ni kí wọ́n to láàṣì méjì tẹ̀lé ara wọn. Àkọ́kọ́ máa ń ṣí nígbà tí aago bá wà nílẹ̀, ìkejì máa ń ṣí nígbà tí aago bá ga. Bí aago bá ti gòkè, àkọ́kọ́ á ti, ìkejì á ṣí, á sì gbé ohun tí àkọ́kọ́ tì mọ́nú jáde. Àwọn méjèèjì kì í ṣí pa pọ̀, ìdí nìyẹn tí bíìtì ò fi lè sáré kọjá.

Ṣùgbọ́n títì náà gba àsìkò. Tíránsísítọ̀ tó wà nínú láàṣì àkọ́kọ́ nílò àkókò díẹ̀ láti tẹ̀ lé D kó sì fìdí múlẹ̀ kí wọ́n tó tì í. Bí D bá yí padà nígbà tó ti pẹ́ jù, láàṣì yẹn á ti nígbà tí ọ̀rọ̀ ò tíì yanjú nínú rẹ̀. Àkókò tó kéré jù lọ tí D gbọ́dọ̀ ti fi dúró jẹ́ẹ́ ṣáájú ìgòkè aago ni àsìkò ìmúrasílẹ̀, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní sẹ́tọ́ọ̀pù. Títì náà kì í sì í parí lójú ẹsẹ̀. Bí D bá tún yí padà kí títì tó parí, ohun tuntun lè yọ́ wọlé. Àkókò tó kéré jù lọ tí D gbọ́dọ̀ ṣì fi dúró lẹ́yìn ìgòkè aago ni àsìkò ìdúró, tí wọ́n ń pè ní họ́ọ̀dù.

Ẹni tó bá ti lọ gba ìwé ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ti rí akọ̀wé tó ń lu òǹtẹ̀. Ìwé gbọ́dọ̀ ti wà lórí tábìlì kí òǹtẹ̀ tó balẹ̀, wọn ò sì gbọ́dọ̀ fà á kí òǹtẹ̀ tó gbéra. Bí wọ́n bá pẹ́ gbé e síbẹ̀, òǹtẹ̀ á bọ́ sórí ìwé ẹlòmíràn tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá yára fà á, ìwé tó kàn ni òǹtẹ̀ á bọ́ lé. Bó bá sì jẹ́ pé ìwé ń rìn lọ́wọ́ nígbà tí òǹtẹ̀ balẹ̀, òǹtẹ̀ náà á dàrú.

Òǹtẹ̀ tó dàrú yẹn náà wà nínú áísì. Q lè dúró sí agbedeméjì, kò ní jẹ́ 0, kò ní jẹ́ 1, fún àkókò tí ẹnikẹ́ni ò lè sọ iye rẹ̀ ṣáájú, kó tó wá ṣubú sápá kan. Àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ kan ò gbà pé ó ṣeé ṣe, títí di ọdún 1973 tí Thomas Chaney àti Charles Molnar ní Yunifásítì Washington ní ìlú St. Louis, ní Amẹ́ríkà, tẹ àpilẹ̀kọ jáde, tí wọ́n sì fi àwòrán ojú ọ̀sìlósíkóòpù hàn án.

Inú pánẹ́ẹ̀lì P10

Ọ̀pọ̀ pátákó ọ̀rọ̀ tó ń rìn ni wọ́n fi pánẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń pè ní P10 to. Mílímítà mẹ́wàá ló wà láàárín iná kan àti èkejì. Ìlà iná 16 ló wà lóròó, 32 sì wà ní ìbú, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 512. Nínú èyí tó jẹ́ aláwọ̀ kan ṣoṣo, ìdá mẹ́rin la máa ń pín ìlà wọ̀nyí sí, ìdá kan á tàn tẹ̀lé òmíràn ní kíákíá tí ojú ò fi ní mọ̀. Nítorí náà, bíìtì 128 ni pánẹ́ẹ̀lì kan ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Áísì 74HC595 mẹ́rìndínlógún ló ń gbà wọ́n, bíìtì mẹ́jọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìpele méjì ló wà nínú 595 kan. Ìpele àkọ́kọ́ jẹ́ fílípù-fúlọ́ọ̀pù mẹ́jọ tó tò tẹ̀lé ara wọn, tí ìsọfúnni ń gbà sún níkọ̀ọ̀kan bí aago, CLK, bá ti ń lu. Ìpele kejì ni àpótí tí wọ́n ń kó bíìtì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sí lẹ́ẹ̀kan náà, kí ojú iná má bàa máa gbọ̀n nígbà tí ìsọfúnni ṣì ń sún lábẹ́. Ẹsẹ̀ tó ń pàṣẹ ìpele kejì yìí ni àwọn oníṣẹ́ sábà máa ń pè ní láàṣì, ṣùgbọ́n ìgòkè aago ni òun náà ń wò, fílípù-fúlọ́ọ̀pù ni í ṣe.

Bíìtì tó bá jáde láti inú 595 tó kẹ́yìn nínú pánẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ ló ń wọ 595 àkọ́kọ́ nínú pánẹ́ẹ̀lì kejì, bẹ́ẹ̀ ni títí dé ìparí. Aago náà ń bá wọn lọ lórí wáyà pẹlẹbẹ kan náà. Nínú pánẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, áísì bọ́fà 74HC245 ń gba aago, ó ń fún un lágbára, ó sì ń pín in fún áísì mẹ́rìndínlógún yẹn. Bọ́fà náà sì máa ń dá aago dúró díẹ̀ kó tó jẹ́ kó kọjá.

Nánòsẹ́kọ́ǹdù la fi ń wọn ìdádúró wọ̀nyí, ìyẹn ìdá kan nínú bílíọ̀nù kan sẹ́kọ́ǹdù. Nínú wáyà, àmì iná máa ń rìn tó nǹkan bí 20 sẹ̀ǹtímítà láàárín nánòsẹ́kọ́ǹdù kan. Ìwé àlàyé tí Texas Instruments tẹ̀ jáde fún 74HC595 sọ pé, ní fóòtì 4.5 àti ní ìwọ̀n ooru 25 lórí Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì, àsìkò ìmúrasílẹ̀ jẹ́ 20, àsìkò ìdúró sì jẹ́ 0. Láti ìgbà tí aago bá gòkè títí tí bíìtì á fi jáde láti lọ bá áísì tó kàn sábà máa ń gba 17, ṣùgbọ́n kò ní kọjá 32. Iye mẹ́rin yìí tó fún gbogbo ohun tó kù.

Nígbà tí bíìtì pẹ́ dé

Ká ní kọntirólà ń lu aago ní ìgbà mílíọ̀nù 20 ní sẹ́kọ́ǹdù kan. Ó túmọ̀ sí pé nánòsẹ́kọ́ǹdù 50 ló wà láàárín ìgòkè kan àti èkejì. Láàárín 50 yẹn, bíìtì gbọ́dọ̀ jáde láti inú áísì kan, kó rìn dé ọ̀dọ̀ èkejì, kó sì ti dúró jẹ́ẹ́ níbẹ̀ fún 20. Bí áísì náà bá jẹ́ èyí tó yá, á lo 17 láti jáde, 17 àti 20 jẹ́ 37, àyè ṣì ṣẹ́kù. Bó bá jẹ́ èyí tó lọ́ra jù lọ, á lo 32, 32 àti 20 jẹ́ 52. Àyè ti pé, 2 ṣì kù síta, a ò sì tíì ka wáyà mọ́ ọn. Àṣìṣe ìmúrasílẹ̀ nìyẹn.

Èyí ló fà á tí pátákó méjì tí wọ́n to lọ́jọ́ kan náà, tí wọ́n fi ètò kan náà sí, fi lè máa ṣe ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Áísì tó wà nínú ọ̀kan yá, ti èkejì lọ́ra, bẹ́ẹ̀ méjèèjì wà láàárín ààlà tí ìwé àlàyé fún wọn.

Ohun méjì ló máa ń sọ èyí tó yá di èyí tó lọ́ra. Àkọ́kọ́ ni ooru: pátákó tó kọjú sí oòrùn ọ̀sán ní Máfolúkù, tí inú irin rẹ̀ gbóná janjan, máa ń lọ́ra ju bó ṣe wà lórí tábìlì oníṣẹ́. Ìkejì, tó tún burú jù, ni fólútéèjì tó wálẹ̀. Ìwé àlàyé yẹn kan náà sọ pé ní fóòtì 2, àsìkò ìmúrasílẹ̀ ń fò láti 20 lọ sí 100. Kò sí pánẹ́ẹ̀lì tó ń ṣiṣẹ́ ní fóòtì 2, ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀nà náà kọjú sí hàn kedere. Bí wọ́n bá fi wáyà tín-ín-rín gbé fóòtì 5 láti pánẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ dé ìkẹjọ, tí gbogbo iná sì tàn lẹ́ẹ̀kan, èyí tó dé ìkẹjọ lè ti wálẹ̀ púpọ̀. Àmì rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ tí lẹ́tà rẹ̀ kéré máa ń jáde dáadáa, ṣùgbọ́n ìgbà tí gbogbo ojú pátákó bá tàn gbòò ni àṣìṣe máa ń bẹ̀rẹ̀, láti ìparí wá.

Nígbà tí bíìtì tètè dé jù

Àṣìṣe kejì máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu, nítorí ibi tí oníṣẹ́ ti ń gbìyànjú àtiṣe dáadáa ló ti máa ń wá.

Ẹ jẹ́ ká wo ààlà tó wà láàárín pánẹ́ẹ̀lì kìíní àti ìkejì. Ká fi ìgbà tí aago gòkè nínú ìkíní ṣe òdo. Ní 17, bíìtì tuntun ti jáde lẹ́nu ìkíní, ó ń lọ sí ìkejì. Ìgòkè aago kan náà yẹn gba bọ́fà ìkejì kọjá, ó sì dé inú rẹ̀ ní nǹkan bí 10. Ní 10 yẹn, ìkejì wo D rẹ̀, ó bá bíìtì àtijọ́ níbẹ̀, ó gbé e. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Bíìtì tuntun dé ní 17 nígbà tí aago ti kọjá lọ, á dúró de lílù tó kàn. Àyè 7 ló wà láàárín wọn.

Oníṣẹ́ kan wá rò pé aago ò lágbára tó, nítorí pé pátákó gùn. Ó ra 74HC245 kan, ó fi sáàárín ìkíní àti ìkejì, orí wáyà aago nìkan. Aago náà lágbára lóòótọ́, àwòrán rẹ̀ lójú ọ̀sìlósíkóòpù sì mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n bọ́fà tuntun yẹn ti fi nǹkan bí 10 kún ìdádúró. Ní báyìí, aago ń dé inú ìkejì ní 20. Bíìtì tuntun ti wà níbẹ̀ láti 17. Ìkejì wo D rẹ̀ ní 20, bíìtì tuntun ló rí, ó sì gbé e. Bíìtì àtijọ́ tó yẹ kó gbé ti kọjá lọ, kò sẹ́ni tó mú un.

Ohun tí èyí ń ṣe lójú pátákó ṣeé dá mọ̀. Lílù kan ṣoṣo ni bíìtì fi gba ipò méjì kọjá ní ààlà yẹn, irú ohun tí láàṣì mẹ́jọ tó ṣí pa pọ̀ ṣe lórí tábìlì lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo ohun tó wà láti ìkejì lọ á sún síwájú ní ìlà kan. Nítorí pé mẹ́jọ mẹ́jọ ni bíìtì ń wọ ìlà lára P10, èyí tó bá wà ní etí ìdìpọ̀ mẹ́jọ kọ̀ọ̀kan á bọ́ sí ìlà tí kì í ṣe tirẹ̀. Àwọn àmì iná tí ẹnikẹ́ni ò rán níṣẹ́ nìyẹn. Bí aago àti bíìtì bá sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dé lásìkò kan náà, nígbà mìíràn ìkejì á mú ti àtijọ́, nígbà mìíràn á mú ti tuntun, ọ̀rọ̀ á máa gbọ̀n.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan nínú ìṣirò yìí. Nígbà tí à ń sọ̀rọ̀ bíìtì tó pẹ́, 50 tó wà láàárín lílù méjì wọ inú ìṣirò. Nínú ti bíìtì tó tètè dé, kò síbì kankan tí àlàfo láàárín lílù méjì ti wọlé. Ìgòkè kan ṣoṣo ló rán bíìtì jáde, ìgòkè kan ṣoṣo yẹn náà ló sì pẹ́ dé ìkejì. Bí a bá lu aago lẹ́ẹ̀kan ní sẹ́kọ́ǹdù kan, 17 á ṣì jẹ́ 17, 20 á ṣì jẹ́ 20.

Ìdánwò kan tó ń yà wọ́n sọ́tọ̀

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí oníṣẹ́ yẹ kó ṣe, kó tó tú ìdè irin kankan, ni kó dín eré aago kù nínú ètò kọntirólà. Bí kọntirólà bá jẹ́ ESP32 tí wọ́n fi Arduino kọ ètò rẹ̀, ìlà kan ló ń pàṣẹ rẹ̀:

```
SPI.beginTransaction(SPISettings(1000000, MSBFIRST, SPI_MODE0));
```

Nọ́ńbà tó wà níwájú yẹn ni iye lílù aago ní sẹ́kọ́ǹdù kan. Bó bá jẹ́ 20000000 tẹ́lẹ̀, kó sọ ọ́ di 1000000, kó wo pátákó. Bí àṣìṣe bá lọ pátápátá, ìmúrasílẹ̀ ló ń yọ wọ́n lẹ́nu: aago ti yá jù, tàbí páwà ti wálẹ̀, tàbí ooru ti pọ̀. Bí àṣìṣe bá dúró bó ṣe wà gẹ́lẹ́, tó ń bẹ̀rẹ̀ ní ààlà kan náà, àsìkò ìdúró ni kó lọ wá, ojú ọ̀nà aago ní ààlà yẹn ló sì yẹ kó kọ́kọ́ wò.

Pánẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ ní tirẹ̀ yàtọ̀. Lábẹ́ `SPI_MODE0`, kọntirólà máa ń yí bíìtì padà nígbà tí aago bá ń wálẹ̀, pánẹ́ẹ̀lì sì ń wò ó nígbà tí aago bá ń gòkè. Bíìtì ní ìdajì àlàfo ṣáájú ìgòkè, ó sì ní ìdajì kejì lẹ́yìn rẹ̀. Ìdí rèé tí pánẹ́ẹ̀lì àkọ́kọ́ fi sábà máa ń mọ́ tónítóní nígbà tí ìyókù ń dàrú. Bí àkọ́kọ́ gan-an bá ń ṣàṣìṣe tí aago sì ti falẹ̀, ọ̀rọ̀ náà lè máà jẹ́ ti àsìkò. ESP32 ń gbé fóòtì 3.3 jáde, bẹ́ẹ̀ bọ́fà irú HC tó ń jẹ fóòtì 5 ń béèrè nǹkan bíi 3.5 kó tó gbà pé ohun tó rí jẹ́ 1. Bọ́fà irú HCT, tó ń gba 2 ní 1, ni wọ́n máa ń fi sáàárín wọn.

Àtúnṣe, àti ibi tí láàṣì ti wúlò

Ìwòsàn àṣìṣe ìmúrasílẹ̀ ti hàn nínú ohun tó ń fà á. Kí wọ́n fa aago sẹ́yìn, kí wọ́n sì gbé wáyà páwà tó nípọn lọ sí àárín àti ìparí pátákó, dípò kí wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ gba ìkíní.

Ti àsìkò ìdúró gba ìrònú díẹ̀. Èyí tó rọrùn jù ni pé kí ìsọfúnni náà gba bọ́fà tuntun yẹn kọjá pẹ̀lú aago. Ojú ọ̀nà mẹ́jọ ló wà nínú 74HC245 kan, àyè pọ̀ nínú rẹ̀. Bí ìdádúró 10 bá bá aago, tí 10 mìíràn sì bá bíìtì, bíìtì tuntun á dé ní 27, aago á dé ní 20, àyè 7 á padà sípò. Nínú iṣẹ́ tó bá jẹ́ pé bí àwọn méjèèjì ṣe ń rìn pọ̀ ló ń gbé e ró, ohun tó bá dá ọ̀kan dúró gbọ́dọ̀ dá èkejì náà dúró.

Ọ̀nà kejì ni èyí tí àwọn tó ń ṣe áísì ńláńlá ń lò nínú iṣẹ́ wọn, òun ló sì mú láàṣì padà wá. Wọ́n máa ń fi láàṣì kan sí ààlà tí aago ti ń pẹ́, láàṣì tó ń ṣí nígbà tí aago bá wà nílẹ̀ tó sì ń ti nígbà tí aago bá ga. Nínú pátákó wa, bíìtì kan nínú 74HC373 tó fún un, tí wọ́n bá fi 74HC04 yí aago sódì kó tó wọ LE, kí wọ́n sì gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu pánẹ́ẹ̀lì kìíní. Bí aago bá gòkè, láàṣì ti, ó sì ti bíìtì àtijọ́ mọ́nú. Bíìtì tuntun jáde ní 17, ó bá ilẹ̀kùn ní títì. Ìkejì pẹ́ títí di 20, kò burú, bíìtì àtijọ́ ṣì ń dúró dè é. Ìgbà tí aago bá wálẹ̀ ni láàṣì tó ṣí, tí bíìtì tuntun sì kọjá, tó ń múra sílẹ̀ de ìgòkè tó kàn. Ṣíṣí tó ba nǹkan jẹ́ nígbà tí mẹ́jọ ṣí pa pọ̀ ló ń tún un ṣe níbí, torí pé ọ̀kan ṣoṣo ni, ìgbà tó sì ń ṣí kọjú sódì sí ti fílípù-fúlọ́ọ̀pù tó yí i ká.

Láàṣì náà ní ohun tó ń gbà. Ìdajì àlàfo ló kù fún bíìtì láti rin ààlà yẹn. Ní mílíọ̀nù 20, ìdajì 50 jẹ́ 25, bẹ́ẹ̀ 74HC04 àti láàṣì nìkan lè jẹ nǹkan bí 25, 20 ti ìmúrasílẹ̀ ṣì wà níwájú. Kò lè gbà. Ní mílíọ̀nù 1, ìdajì àlàfo jẹ́ 500, àyè á pọ̀ rẹpẹtẹ lápá méjèèjì.

Ṣé mílíọ̀nù 1 wá tó fún pátákó bí? Pánẹ́ẹ̀lì mẹ́jọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba bíìtì 128, jẹ́ 1,024. Ìdá mẹ́rin ni ìlà pín sí, 1,024 lọ́nà mẹ́rin jẹ́ 4,096. Bí gbogbo ojú pátákó bá ń di tuntun nígbà 100 ní sẹ́kọ́ǹdù kan, tí ojú ò fi ní rí i pé ó ń ṣẹ́jú, bíìtì 409,600 ni aago ní láti gbé ní sẹ́kọ́ǹdù kan. Mílíọ̀nù 1 ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ. Pátákó ọ̀rọ̀ aláwọ̀ kan tí wọ́n ń lu aago rẹ̀ ní mílíọ̀nù 20 ń sá eré tí iṣẹ́ rẹ̀ ò béèrè, eré yẹn ló sì ń jẹ àyè ìmúrasílẹ̀ rẹ̀ tán. Lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ tan gbogbo iná rẹ̀ gbòò lọ́sàn-án gangan, nígbà tí irin bá ti gbóná, kí ẹ fi mítà wọn fólútéèjì ní pánẹ́ẹ̀lì tó kẹ́yìn, kí ẹ sì wo ààlà kọ̀ọ̀kan láti ìkíní dé ìkẹjọ kí ẹ tó gbé àkàbà kúrò.